Ìpara fún gìgísẹ̀ tó sán: bí mo ṣe rí ìdí tí òrí fi ń di wóró-wóró nínú agolo

Ọjọ́ kejìlá tí mo fi agolo ìpara ránṣẹ́ sí màmá mi ni wọ́n pè mí. Wọ́n kí mi, wọ́n gbàdúrà fún mi dáadáa, wọ́n wá ní, "Ìpara yẹn dáa o, àmọ́ kí lo wá da yanrìn sí i fún?" Mo ní Màámi, mi ò da yanrìn kankan sí i o. Wọ́n ní àwọn mọ ohun tí àwọn ń sọ, ó ń ha àwọn lẹ́sẹ̀, ibi tó sán gan-an ló sì ti ń gún àwọn. Mo bá lọ gbé agolo kejì tó kù lọ́wọ́ mi, mo ti ìka bọ̀ ọ́, lóòótọ́ ni, wóró kéékèèké kún inú ẹ̀, bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí mo dà á sínú agolo ńṣe ló ń dán gbinrin, tó ń yọ̀ lọ́wọ́.

Ohun tí mò ń kọ síbí nìyẹn, bí mo ṣe ṣe ti àkọ́kọ́, bí mo ṣe wá ìdí wóró yẹn rí, àti bí mo ṣe tún un ṣe tí kò fi wóró mọ́.

Òróró ni mo kọ́kọ́ ṣe. Òdòdó kàlẹ́ńdúlà gbígbẹ ni mo lò, mo rẹ ẹ́ sínú òróró ólífì. Ẹ jẹ́ n tẹnu mọ́ gbígbẹ yẹn, torí omi lọ̀tá iṣẹ́ yìí. Ewé òdòdó yẹn máa ń tètè gbẹ, àmọ́ ìdí ẹ̀ tó le, tó rí róbótó, ó lè mú omi dání fún ọjọ́ púpọ̀ lẹ́yìn tójú bá ti rò pé ó gbẹ. Bí mo ṣe ń mọ̀ ni pé mo máa ń fi èékánná pín ìdí ẹ̀ sí méjì, tó bá kán pẹ́ẹ́ tó sì fọ́, ó ti gbẹ, tó bá tẹ̀ tàbí tó fà bí awọ, ó kù. Mo já a wẹ́wẹ́ sínú ìgò ẹlẹ́nu gbòòrò tó gbẹ títí ó fi kún dé ìdajì ìgò, mi ò tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, mo wá da òróró lé e lórí títí ó fi bò ó dáadáa. Èyí tó bá yọrí síta lókè òróró ló máa ń bu.

Àwọn kan máa ń fi sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà, èmi ò ní sùúrù yẹn nígbà tí ẹsẹ̀ ti ń dun màmá mi, torí náà mo fi iná ṣe é. Mo tẹ́ aṣọ sísàlẹ̀ ìkòkò, mo gbé ìgò lé e, mo da omi yí i ká, mo sì jẹ́ kí iná kéré débi pé omi yẹn gbóná àmọ́ kò hó. Tẹ̀mómítà wà nínú òróró, mo ń ṣọ́ ọ kó wà láàárín 50 sí 60 lórí ìwọ̀n Celsius, wákàtí mẹ́rin ló lò. Mi ò dé ìgò yẹn pa, aṣọ fẹ́lẹ́ ni mo fi bo ẹnu ẹ̀, kí omi ráńpẹ́ tó bá kù nínú òdòdó lè bá afẹ́fẹ́ jáde. Nígbà tó yá àwọ̀ òróró yẹn pọ́n bí oyin, òórùn ẹ̀ sì yí padà sí ti koríko gbígbẹ. Mo fi aṣọ mímọ́ sẹ́ ẹ, mo fi sílẹ̀ mọ́jú kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rọlẹ̀, mo wá da òkè ẹ̀ tó mọ́ síbòmíì, èyí tó kù nísàlẹ̀ mi ò lò ó rárá, torí tí omi bá wà, ibẹ̀ ló máa wà. Kó lè dá mi lójú mo kán òróró yẹn méjì mẹ́ta sínú ṣíbí onírin tó gbóná, mo sì tẹ́tí sí i. Tó bá ta pẹ́ẹ́-pẹ́ẹ́, omi wà níbẹ̀. Tèmi ò ta.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ ìwọ̀n. Síkéèlì ni mo fi ń wọn gbogbo ẹ̀, òróró náà, mi ò lo ife, torí ìda oyin tí wọ́n fá àti èyí tó wà ní kóró-kóró kì í kún ife bákan náà. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo dán an wò, kódà ṣáájú èyí tí mo fi ránṣẹ́, òróró 100 gíráàmù, òrí 30, ìda oyin 40 ni mo lò. Ó le kọjá bó ṣe yẹ. Èèyàn máa ń ní láti fi èékánná ha á, tó bá sì dé ẹsẹ̀ ńṣe ló ń fa awọ ara, ẹ sì rò ó wò, ara tó ti sán tẹ́lẹ̀ lẹ wá ń fà. Nígbà tí mo ṣírò ẹ̀, ìda yẹn lé díẹ̀ ní 23 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo ẹ̀. Ohun tí mo wá rí pé ó bá gìgísẹ̀ mu ni bíi 15 nínú ọgọ́rùn-ún. Mi ò da ti àkọ́kọ́ yẹn nù o, mo yọ́ ọ padà, mo fi òróró bíi 97 gíráàmù kún un, ìda 40 yẹn sì di 15 nínú ọgọ́rùn-ún gẹ́lẹ́.

Èyí tí mo wá fi ránṣẹ́ ni òróró 120, òrí 40, ìda oyin 28, gbogbo ẹ̀ jẹ́ 188 gíráàmù. Kó tó di pé mo dà á sínú agolo mo ti ìsàlẹ̀ ṣíbí kan bọ inú ẹ̀, ṣíbí tó ti wà nínú fíríìjì tẹ́lẹ̀, mo jẹ́ kó dì lára ẹ̀, mo sì fi ìka tẹ̀ ẹ́. Ó gba ìka díẹ̀díẹ̀, ó sì yọ́ sára. Inú mi dùn. Mo dà á sínú agolo, mo fi táwẹ́ẹ̀lì bò ó kí eruku má bàa bọ́ sí i, mo bá lọ sùn.

Táwẹ́ẹ̀lì yẹn gan-an ló fa wàhálà, mi ò sì mọ̀.

Nígbà tí màmá mi pè, ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni pé ìda oyin yẹn dọ̀tí, torí ìda tí wọn ò tíì sẹ́ dáadáa máa ń ní ìdọ̀tí afárá nínú. Mo bá mú wóró kan ṣoṣo, mo gbé e sáàárín àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá, mo ń fi rá ara wọn díẹ̀díẹ̀. Bíi ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, wóró yẹn ti yọ́ tán, ó di òróró. Mo mú òmíì, bákan náà. Ibi tí mo ti mọ̀ nìyẹn pé kì í ṣe ìdọ̀tí, torí ìdọ̀tí ò ní yọ́ láéláé. Kì í sì í ṣe ìda náà, torí ìda oyin ò ní yọ́ títí tẹ̀mómítà fi máa lé ní 60, ìka èèyàn ò gbóná tó bẹ́ẹ̀, tẹ́ ẹ bá rá wóró ìda, ńṣe ló máa tẹ́ pẹlẹbẹ bíi ìpẹ́ ẹja kékeré. Èyí tó bá yọ́ pátápátá lọ́wọ́, òrí ni.

Mo ti rí wóró ìda náà rí, tórí náà mo mọ ìyàtọ̀ wọn. Ìyẹn máa ń wáyé tí èèyàn bá ti sọ ìda àti òróró kalẹ̀ lórí iná, tó wá ju òrí tútù lódindi sínú ẹ̀. Òrí yẹn máa mú ibi tó bá bọ́ sí tutù lójijì, ìda ibẹ̀ á dì kíá, á di ìpẹ́ funfun kéékèèké, kò sì ní tú mọ́ àfi tẹ́ ẹ bá gbé e padà sórí iná.

Kí ló wá dé tí òrí fi ń di wóró? Òrí kì í ṣe ọ̀rá kan ṣoṣo. Oríṣiríṣi ọ̀rá ló para pọ̀ sínú ẹ̀, àwọn kan máa ń dì nígbà tí ara ẹ̀ ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́, àwọn mìíì ò ní dì títí á fi tutù dáadáa. Tó bá ń tutù díẹ̀díẹ̀, àwọn tó ń tètè dì máa ráyè, wọ́n á wá ara wọn rí, wọ́n á fara mọ́ra, wọ́n á máa tóbi sí i, àwọn tó rọ̀ á sì yí wọn ká. Wóró tí màmá mi ń pè ní yanrìn nìyẹn. Kò bàjẹ́, agbára ẹ̀ ò dínkù, àmọ́ ó ń gún ẹsẹ̀. Tó bá sì tutù kíákíá, kò sáyè fún wọn láti kóra jọ, gbogbo ẹ̀ á dì pọ̀ bí wọ́n ṣe wà, ara ẹ̀ á sì jọ̀lọ̀. Táwẹ́ẹ̀lì tí mo fi bò ó, ńṣe ló gbé ooru dúró sínú ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Màmá mi náà tún sọ fún mi pé ojú fèrèsé ni àwọn ń gbé agolo sí, oòrùn á ta sí i lọ́sàn-án, á rọ̀, tó bá dalẹ́ á tún dì pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ìyẹn náà ń dá kún un lójoojúmọ́.

Mi ò fẹ́ kó jẹ́ pé èrò lásán ni, mo bá dán an wò. Ìwọ̀n kan náà ni mo tún ṣe, 120, 40, 28. Mo fi abọ́ onírin sórí ìkòkò omi gbóná, mi ò gbé e sórí iná tààrà, torí ìda àti òróró lè gbóná kọjá ààlà láìjẹ́ pé wọ́n hó kéèyàn mọ̀, tí wọ́n bá sì gbaná, omi kọ́ ni wọ́n fi ń pa á o, ìdérí ìkòkò ni. Ìda ló kọ́kọ́ wọlé pẹ̀lú òróró, nígbà tó yọ́ tán tí ò sí kóró kankan nísàlẹ̀ mo kó òrí sí i nígbà tó ṣì wà lórí iná, mo sì jẹ́ kí gbogbo ẹ̀ wà ní bíi 75 fún ogún ìṣẹ́jú. Ogún ìṣẹ́jú yẹn ṣe pàtàkì lójú tèmi. Òrí máa ń dà bí ẹni pé ó ti yọ́ kó tó yọ́ tán, wóró kéékèèké tójú ò rí tó bá sì ṣẹ́kù sínú ẹ̀, òun làwọn tó kù máa lọ lẹ̀ mọ́ tó bá ń dì.

Mo wá pín in sí méjì. Ìdajì, mo dà á sínú agolo, mo gbé e sórí tábìlì bí mo ṣe ṣe lákọ̀ọ́kọ́, pẹ̀lú táwẹ́ẹ̀lì. Ìdajì kejì, mo gbé abọ́ ẹ̀ sínú abọ́ ńlá tí omi tútù àti yìnyín wà, omi yẹn ò ju ìdajì abọ́ kékeré lọ kó má bàa tá sínú, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó pẹ̀lú ọ̀pá rọ́bà tó tẹ́. Èyí ló gba ọwọ́ jù. Kíá ni ìda máa bẹ̀rẹ̀ sí í dì mọ́ ẹ̀gbẹ́ abọ́, tẹ́ ẹ bá fi sílẹ̀ ó máa di ìpẹ́, torí náà ẹ̀gbẹ́ yẹn ni mo ń ha láìdúró, tí mo ń pa á pọ̀ mọ́ àárín. Láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan ó kúrò ní òróró tó mọ́ gaara tí mò ń rí ìsàlẹ̀ abọ́, ó ṣú, ó wá dà bí omi tí wọ́n fọ ọṣẹ sí, ọ̀pá tí mo fi ń rò ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ipa sílẹ̀ lẹ́yìn. Ojú ẹsẹ̀ yẹn gan-an ni kéèyàn dà á sínú agolo. Tó bá tètè jù, ó ṣì gbóná, á tún lọ tutù díẹ̀díẹ̀ nínú agolo, tó bá sì pẹ́ jù, ńṣe lẹ máa máa fi ṣíbí bù ú bí ẹrẹ̀, afẹ́fẹ́ á sì há sínú ẹ̀. Èyí tí mo kọ́kọ́ dán wò pẹ́ jù, mo gbé e padà sórí omi gbóná, mo yọ́ ọ, mo tún bẹ̀rẹ̀, kò sóhun tó ṣe é.

Nígbà tí ojú ẹ̀ ti dì nínú agolo mo dé e, mo gbé e sínú fíríìjì fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Tí mo bá gbé e jáde mi ò kì í ṣí i títí agolo yẹn á fi kúrò ní tútù lọ́wọ́, torí tẹ́ ẹ bá ṣí nǹkan tútù sínú afẹ́fẹ́ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, omi máa sẹ̀ sójú ẹ̀ bí ìrì, a ò sì fi nǹkan kankan tó ń dènà kòkòrò sínú ìpara yìí. Ìdí tó fi lè wà láìbu ni pé kò sómi nínú ẹ̀. Fítámìn Í tí àwọn èèyàn máa ń kán sí i, ohun tó ń ṣe ni pé kì í jẹ́ kí òróró tètè yí òórùn padà, kì í pa kòkòrò o, ẹ má fi gbẹ́kẹ̀ lé e pé ẹ lè máa fi ọwọ́ tútù bù ú.

Lẹ́yìn ọjọ́ méje mo ṣí méjèèjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ti orí tábìlì ti wóró, kò tíì pọ̀ bíi ti àkọ́kọ́ àmọ́ ìka mọ̀ ọ́n, àárín ẹ̀ tó pẹ́ jù kó tó tutù ló pọ̀ sí jù. Ti inú yìnyín, mo ti ìka bọ̀ ọ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀, kò sí nǹkan kan. Mo bá gbé ti orí tábìlì padà sórí omi gbóná, mo yọ́ ọ, ogún ìṣẹ́jú, yìnyín, òun náà sì jọ̀lọ̀. Torí náà ẹni tí tiẹ̀ bá ti wóró, ẹ má dà á nù.

Mo fi tuntun ránṣẹ́ sí màmá mi, mo sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n gbé e kúrò lójú fèrèsé, kí wọ́n sì yí bí wọ́n ṣe ń lò ó padà. Ohun tí wọ́n ń ṣe tẹ́lẹ̀ ni pé wọ́n máa ń fi pa ẹsẹ̀ gbígbẹ. Ìpara yìí ò ní omi nínú tó lè fún awọ ara, ohun tí ìda àti òrí ń ṣe ni pé wọ́n ń bo ojú awọ kí omi tó wà níbẹ̀ má bàa jáde. Tí kò bá sómi níbẹ̀, kí ni wọ́n fẹ́ dì mú? Torí náà lálẹ́ kí wọ́n tó sùn, wọ́n á ki ẹsẹ̀ bọ omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, wọ́n á fi aṣọ tẹ̀ ẹ́ kí omi tó ń kán lè kúrò, kí ó ṣì tutù díẹ̀, wọ́n á wá bu ìpara tó tó kóró àgbàdo fún gìgísẹ̀ kọ̀ọ̀kan, wọ́n á fi ọwọ́ gbígbẹ pa á wọ inú ibi tó sán, wọ́n á sì wọ ìbọ̀sẹ̀. Ìbọ̀sẹ̀ yẹn kì í ṣe fún ẹwà nìkan o, ilẹ̀ á yọ̀ tí wọ́n bá dìde lóru, mi ò fẹ́ kí wọ́n ṣubú.

Kí n tó ní kí wọ́n lò ó rárá, mo ti ní kí wọ́n kọ́kọ́ fi díẹ̀ sí inú apá fún ọjọ́ méjì. Ìda oyin máa ń yún àwọn kan lára, kàlẹ́ńdúlà náà, pàápàá ẹni tí irú òdòdó ẹbí ẹ̀ bá ti ń ṣe lára tẹ́lẹ̀. Ti màmá mi ò pọ́n, kò yún.

Àwọn ẹsẹ̀ kan wà tí mi ò ní fún ní ìpara yìí. Bó bá ti ń ṣẹ̀jẹ̀, tó ń yọ omi tàbí ọyún, tó wú tó sì gbóná, dókítà ló kàn. Ẹni tó ní àrùn àtọ̀gbẹ, ẹ jọ̀ọ́, kékeré ni sísán ẹsẹ̀ wọn ti ń bẹ̀rẹ̀ tí wọn ò ní mọ̀ ọ́n lára, ilé ìwòsàn ni kí wọ́n kọ́kọ́ gbé e lọ kí wọ́n tó fi ohunkóhun bò ó. Èyí tó tún máa ń tan èèyàn jẹ ni àtẹ́lẹsẹ̀ tó gbẹ, tó ń bó, tó sì ń yún láàárín ọmọ ìka, oríṣi làpálàpá ni ìyẹn máa ń jẹ́ nígbà míì, ìpara yìí ò ní pa á, kódà ọ̀rinrin tó ń há síbẹ̀ lè mú kó gbilẹ̀.

Nínú ọ̀sẹ̀ kìíní màmá mi ní ẹsẹ̀ ò gún àwọn mọ́ tí àwọn bá tẹlẹ̀ láàárọ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mo lọ wò ó fúnra mi. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ti pa pọ̀, ojú ibi tó sán ti di ìlà tín-ín-rín lásán. Ti òsì ku ọ̀kan tó jìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìta, etí ẹ̀ le gan-an, ó sì nípọn, ìpara ò sì lè wọ ibẹ̀ bó ṣe yẹ. A bẹ̀rẹ̀ sí í fi òkúta ìfẹsẹ̀ rá etí ẹ̀ pẹ̀lẹ́ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti rẹ ẹ́ sómi, díẹ̀díẹ̀, kì í ṣe kó wọ ẹran ara. Ó ti ń fẹ́lẹ́ báyìí.

Agolo ọwọ́ mi pé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ lánàá. Mo ṣí i, mo gbóòórùn ẹ̀, ṣe ló ṣì ń rùn bí koríko gbígbẹ, mo fi ìka ha á dé ìdí, kò sí wóró. Màmá mi sì ti ránṣẹ́ pé tiwọn ti fẹ́ tán, wọ́n ní kí n ṣe méjì lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀rẹ́ wọn náà ń fẹ́.